Lẹ́tà Èèrà àti Tísà Tí Kì í Sọ Pé "N Ò Mọ̀"

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè ti ń ṣe tísà, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni gbọ́ "n ò mọ̀" lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín, kí ẹ má baà rò pé ńṣe ni mo fẹ́ yìn ín. Ẹni tó mọ gbogbo nǹkan kò sí lábẹ́ ọ̀run. Ẹni tí kì í gbà pé òun kò mọ̀ ló wà. Irú wọn pọ̀ ní Ìlobù, wọ́n pọ̀ ní Ìfọ́n, wọ́n sì pọ̀ ní Ẹ̀rìn, àmọ́ ti Bámigbóyè ti kọjá àfaradà.

Èmi ni Mùtíátù. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́, òun ń kọ́ kíláàsì karùn-ún. Pákó ni wọ́n fi pín yàrá wa sí méjì, pákó ọ̀hún kò sì dé òkè àjà. Gbogbo ohun tó bá sọ fún àwọn ọmọ ni mò ń gbọ́, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń fúnni ní sátífíkéètì fún ìfaradà, tèmi ì bá ti wà lára ògiri tipẹ́.

Báírò mẹ́ta ló máa ń wà lápò àyà rẹ̀: búlúù, dúdú àti pupa. Pupa nìkan ló ń lò. Ó ní bí ó ṣe máa ń rìn, ikùn síwájú, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣí ilé tuntun, bẹ́ẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ kan bi í léèrè ìdí tí omi kànga fi máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ ọyẹ́. Èsì rẹ̀ ni pé iná ọ̀run àpáàdì kò jìnnà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọmọ náà fi sá fún kànga ilé wọn, ìyá rẹ̀ sì nà án títí nítorí pé ó rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Òmíràn bi í pé kí ló dé tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé òun bí òun bá ń rìn. Ó ní, "Ó ń ṣọ́ ẹ ni, nítorí olè ni ẹ́." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó fi báírò pupa gbá tábìlì, ó sì lérò pé òun ti kọ́ wọn ní nǹkan.

Ní táàmù tó kọjá ni ìwé dé pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé wa. Ẹni tó bá ti ṣe tísà rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. A gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. A lẹ káàdì-bọ́ọ̀dù tuntun mọ́ ògiri. Bámigbóyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tó mọ̀ ọ́n kọ́ jù lọ, ìyẹn bí wọn ó ṣe nawọ́. "Bí alábẹ̀wò bá bèèrè ìbéèrè, gbogbo yín lẹ máa nawọ́ o. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Èmi á mọ ẹni tí mo máa pè." Wọ́n kọ́ èyí fún ọjọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ pé ó lo ọjọ́ méjì náà láti kọ́ wọn ní ìdáhùn ni, kò sí ẹni tí ì bá máa na ọwọ́ òsì.

Ó tún fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wà lára ògiri. Ó ní kí olúkúlùkù wọn kọ lẹ́tà sí òun, kí wọ́n sì béèrè ohun kan nínú rẹ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni lẹ́tà tí gbogbo ọmọ máa ń kọ: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà mí láyè lọ́jọ́ Jímọ̀, a ń sọmọ lórúkọ nílé, ẹ jọ̀ọ́ sà, inú ń run mí. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kọ bẹ́ẹ̀. Inú ń run mọ́kànlá nínú wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló béèrè ìbéèrè, Tọ̀yìbátù ni.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Tọ̀yìbátù. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlobù, bàbá rẹ̀ Yàkúbù jẹ́ ọmọ Ìfọ́n, bíríkìlà sì ni, Òṣogbo ló ti máa ń ríṣẹ́ ṣe. Kò sí ọmọ tó mọ sáyẹ́ǹsì tó o ní ilé-ìwé wa. Orúkọ rẹ̀ àti ti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sofiyullah ni a ti fẹnu kò lé lórí fún ìdíje sáyẹ́ǹsì tí wọ́n máa ń ṣe ní Òṣogbo. Ọmọ méjì péré ni ilé-ìwé kan lè mú wá. Àwọn tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ ni ilé-ìwé girama kan máa ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wọn á gbé ibẹ̀, wọn á jẹun níbẹ̀, wọn á fún wọn níwèé. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá agbára bíríkìlà. Yàkúbù mọ̀, ọmọ náà mọ̀, gbogbo wa la mọ̀.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀ rèé:

"Sí Tísà mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé àwọn ará ilé náà wà dáadáa? Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ni pé mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ń jẹ àkàrà lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì rún sílẹ̀. Èèrà kan wá, ó gbé èérún kan. Èérún náà tóbi jù ú lọ fíìfíì. N ò rí èèrà náà mọ́, àkàrà ni mo ń rí tó ń rìn lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi kò tó mi, bí ó bá sì kún, n kò lè gbé e. Kí ló dé tí èèrà lè gbé ohun tó jù ú lọ? Kí ló sì dé tí kò kúkú jẹ ẹ́ níbẹ̀? Mo tẹ̀ lé e, sà. Ó gbé e dé ẹ̀yìn ògiri lọ́ọ̀hún.

Èmi ni ọmọ yín,
Tọ̀yìbátù Yàkúbù."

Bámigbóyè ka lẹ́tà yìí sókè nínú kíláàsì, mo sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn dáadáa. Ìgbà tí kò bá mọ nǹkan ló máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó rí irọ́ kan fà jáde. Ó ní, "Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Èèrà kò ní eegun. Ohun tí kò ní eegun, ẹrù kì í wúwo lára rẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fi báírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, ó fa ìlà méjì sí i nídìí.

Mo gbọ́ tí àga kan dún. Ohùn kékeré kan sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ekòló náà ò ní eegun. Kò lè gbé nǹkan kan."

Ẹ̀rín bú nínú kíláàsì náà. Kì í ṣe ọmọ náà ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, Bámigbóyè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló rán ẹ?" ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

"Kò sí ẹni tó rán mi, sà."

"Mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń wá. Bàbá ẹ ará Ìfọ́n ló ní kó o wá máa dán mi wò níwájú àwọn ọmọ Ìlobù."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí baba mi, ó sì ti dun olúkúlùkù wa dé egungun. Àmọ́ kò sí aláìgbọ́n kankan tó tíì fa èèrà wọ̀ ọ́ rí. Bámigbóyè ló dá a sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kó sì mú bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ìbéèrè yòówù kí alábẹ̀wò béèrè, ọwọ́ òsì ni kó máa nà. Ó wá ní òun ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń lọ sí Òṣogbo. Divine ló fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni Divine, kò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Kì í béèrè nǹkan, ohun tí ẹ bá kọ́ ọ ní àná ló máa kà fún yín lónìí, tó fi mọ́ àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè yìí, mo mọ apá kan nínú rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì ni mo kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ. Mo jókòó sí ẹ̀yìn pákó, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń bú Bámigbóyè nínú ikùn mi. Inú ikùn ni mo ti bú u. Ẹni tó dàgbà tó ẹni tó lè bí mi ní àbíkẹ́yìn, báwo ni mo ṣe máa já irọ́ rẹ̀ níwájú ọmọdé? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Nígbà tí a jáde, ó gbé ìwé wá bá mi. Èmi ni mo ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára jù ní ilé-ìwé wa, èmi ni mo máa ń kọ gbogbo ìwé tó bá ń lọ síta, ọ̀gá wa á sì kàn fọwọ́ sí i láì kà á. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ Sofiyullah àti Divine, Ìyá Tísà." Mo kọ ọ́. Mo tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ orúkọ wọn. Mo tì í sínú dúróà mi de ọjọ́ Jímọ̀ tí ọlọ́kadà máa wá gbé e lọ.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Tọ́sìdeè, Yàkúbù dé. Kò tíì lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ sìmẹ́ńtì àná ṣì wà nínú irun apá rẹ̀. Ó gbé iṣu mẹ́ta dání. Inú ọ́fíìsì àwọn tísà ni a wà, Bámigbóyè ń mu tíì, pákéètì ṣúgà oníhóró wà níwájú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Yàkúbù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, tísà. Ẹ má bínú. Ohun yòówù kí ọmọ yìí ṣe, ẹ bá mi fi orí jìn ín. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín."

Kò tíì mọ ohun tí ọmọ ṣe o, ohun tó gbọ́ kò ju pé wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ti Òṣogbo. Bí bàbá kan ṣe máa ń wá sí ilé-ìwé lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ó ti jẹ̀bi kó tó gbọ́ ẹjọ́. Bámigbóyè kò sọ fún un pé kó dìde. Ó ro tíì rẹ̀. Ó jẹ́ kí ọkùnrin tó ń kọ́lé fún ọlọ́lá wà nílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tí Yàkúbù fúnra rẹ̀ ì bá ti pò dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá na lẹ́tà náà sí i. "Ka ohun tí ọmọ ẹ kọ sí mi."

Yàkúbù dìde jókòó lórí orúnkún rẹ̀, ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ tú ká.

"Ṣé ohun tó béèrè nìyí, sà?"

"Ohun tó béèrè nìyẹn. Mo sì ti dá a lóhùn, ó tún ń bá mi jiyàn."

"Ẹ má bínú, sà. Ó yẹ kó bi mí nílé. Ọ̀rọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ òpó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ṣúgà yín díẹ̀."

Kò dúró de èsì. Ó mú hóró ṣúgà kan, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó wá to mẹ́rin pọ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, ó to mẹ́rin mìíràn lé wọn lórí, ó di ìdì kan.

"Ẹyọ kan yìí, ẹ jẹ́ ká sọ pé èèrà ni. Ìdì yìí, ẹ sọ pé èèrà yẹn náà ló dàgbà. Ó gùn ní ìlọ́po méjì, ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó ga ní ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì ni gbogbo rẹ̀, àbí? Àmọ́ ṣúgà mélòó ló wà níbẹ̀? Mẹ́jọ. Ìwúwo rẹ̀ ti di mẹ́jọ. Ẹ wá wo ojú tó fi jókòó sílẹ̀. Mẹ́rin péré ni. Agbára òpó, ojú rẹ̀ ló wà, bí ó ṣe nípọn tó. Kì í ṣe gíga rẹ̀. Bí iṣan apá èèyàn náà ṣe rí nìyẹn, bó ṣe ki tó ni agbára rẹ̀. Ara di mẹ́jọ, agbára di mẹ́rin. Bí nǹkan bá ṣe ń tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ara tirẹ̀ ń di ẹrù fún un. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi nà mí nìyẹn. Mo wo ilé kékeré kan, mo ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì pẹ̀lú òpó rẹ̀. Wọ́n ní ó máa wó pa mí."

Ó mú hóró kan kúrò, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Èèrà kéré, sà. Ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ ẹrù fún un, agbára tó kù lára rẹ̀ ló fi ń gbé ẹrù ẹlòmíì. Èérún àkàrà pàápàá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá sọ èèrà di bí ewúrẹ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, á wó lulẹ̀ níbi tó dúró sí. Òótọ́ ni pé kò ní eegun nínú. Ìta ni tirẹ̀ wà, ó le gbagidi. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kó lágbára tó bẹ́ẹ̀."

Bíríkìlà tó wà lórí orúnkún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Mo wo Bámigbóyè, mo rò pé ojú á tì í. Ojú wo? Ó kó ṣúgà rẹ̀ padà sínú pákéètì, ó ju ẹyọ kan sínú tíì, ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn. Mo kàn ké e kúrú fún wọn ni, ọmọdé ni wọ́n."

"Mo dúpẹ́, sà. Ẹ bá mi dárí jì í. Ọ̀rọ̀ Òṣogbo yẹn, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà. Ó ti ń kàwé sí i láti oṣù méjì."

"Mo ti dárí jì í. Àmọ́ ìwé ti lọ. Ìwé ti dé Òṣogbo."

Ìwé kò dé ibì kankan. Ìwé wà nínú dúróà mi, orúnkún mi kàn án níbi tí mo jókòó sí. Bámigbóyè mọ̀. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi, nítorí pé ó mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Yàkúbù wò mí ní tirẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń wo ẹni kejì tó wà níbi ọ̀rọ̀. Mo tẹ́ ojú mi sórí ìwé ọmọ kan, mo ń máàkì ohun tí mo ti máàkì tẹ́lẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi iṣu sílẹ̀, ó lọ. Bámigbóyè fún mi ní iṣu kan nínú mẹ́ta náà. Mo gbà á.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ọlọ́kadà wá gbé ìwé lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, alábẹ̀wò dé. Ìyáàfin Ọmọ́bọ́láńlé ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ṣe tísà fún ogún ọdún kó tó di ẹni tí à ń gbálẹ̀ dè. Ó kọ́kọ́ wọ kíláàsì tèmi, lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun ká lọ sí ìkarùn-ún. Ẹ wá wo Bámigbóyè. Pákéètì ṣúgà ti wà lórí tábìlì rẹ̀ látàárọ̀, lẹ́tà Tọ̀yìbátù sì ti wà lára ògiri, ó ti gé èsì báírò pupa kúrò nídìí rẹ̀. Ó to mẹ́jọ pọ̀, ó na ìka sí mẹ́rin, ó sọ ti òpó, ó sọ ti ewúrẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ Yàkúbù ló gbé wọ̀ bí ẹni wọ agbádá alágbádá, àfi bí kò ṣe sọ ẹni tó ni ín. Tọ̀yìbátù jókòó sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣe ti ṣúgà yẹn fún un nílé.

Alábẹ̀wò mi orí. "Ó dára gan-an. Èyí sọ bí èèrà ṣe lè gbé e. Àmọ́ lẹ́tà tó wà lára ògiri yìí béèrè nǹkan kejì. Kí ló dé tí kò jẹ ẹ́ níbẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ọwọ́ márùndínlógójì lọ sókè. Gbogbo wọn ni òsì.

Bámigbóyè wo ọ̀tún, kò rí. Ó tún wò ó. Òógùn bọ́ sí i lójú. Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi náà ti kọ́ àwọn ọmọ ní ọwọ́ yìí rí, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn ọlọ́wọ́ òsì lónìí. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn."

Tọ̀yìbátù dìde. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó tún dìde. "N ò mọ̀ ọ́n tán, mà. Àmọ́ mo tẹ̀ lé e. Ilé ló gbé e lọ. Kò lè wọ ihò, ó tóbi jù. Àwọn yòókù jáde wá, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń gbé e wọlé. Mo dúró títí tí aago fi lù. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ ẹ́ níta. Nítorí náà, mo rò pé kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé. Ti ilé ni. Àmọ́ n ò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ nínú ilé."

"N ò mọ̀." Ọmọ ọdún mẹ́wàá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ̀ rí, òrùlé kò sì wó.

Alábẹ̀wò yíjú sí Bámigbóyè. Bámigbóyè dákẹ́. Mo gbọ́ irọ́ tó ń bọ̀, n kò sì mọ ohun tó bà lé mi, mo yára ya ẹnu mi. "Àwọn ọmọ wọn ni, mà. Èèrà tó ti dàgbà kò lè gbé nǹkan líle mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, omi oúnjẹ ló ń mu. Àwọn ọmọ wọn tó dà bí ìdin nínú ihò ló ń rí nǹkan líle jẹ. Wọ́n á sọ ọ́ di omi, àwọn àgbà náà á sì mu nínú rẹ̀. Bí ẹni tó rí àkàrà bá jókòó jẹ ẹ́ síbẹ̀, ebi á pa ilé."

Tọ̀yìbátù yí padà, ó wò mí. Gbogbo ojú rẹ̀ ló fi wò mí.

"Ẹ ṣeun," ni alábẹ̀wò wí. "Ọmọ yìí, ṣé òun ni ẹ mú fún ìdíje tí ọ́fíìsì wa ń ṣe ní Òṣogbo? Mo ti rí orúkọ tó ti ọ̀dọ̀ yín wá. Sofiyullah àti Divine. Ṣé ìwọ ni Divine?"

"Rárá o, mà. Tọ̀yìbátù ni mí."

"A ti pa ìwé dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò ṣeé yí mọ́. Ọwọ́ tó kọ ìwé náà dára gan-an ni, ó wù mí. Ta ló kọ ọ́?"

Bámigbóyè nawọ́ sí mi. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi nà án. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó máa rò pé mo ti ń bá ọkùnrin yìí jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbà á. Bámigbóyè kò mọ̀, ó ní òun mọ̀. Èmi mọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Irọ́ tirẹ̀ kò lè mú ọmọ yẹn kúrò nínú ìwé bí ọwọ́ mi kò bá kọ ọ́. Mo sì ti jẹ iṣu náà.

Bámigbóyè ṣì wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún wọn pé nítorí pé òjò ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni ojú ọ̀run fi ń mọ́ lẹ́yìn òjò. Sofiyullah àti Divine lọ sí Òṣogbo, wọ́n bọ̀, kò sí èyí tí wọ́n mú nínú wọn. Àwọn èèrà rí ṣúgà tó rún sínú dúróà Bámigbóyè, wọ́n ń kó o lọ ní ìlà gígùn láti ojú fèrèsé, òun sì ń fi rúlà tẹ̀ wọ́n pa.

Lánàá, mo bá bébà kan lórí tábìlì mi, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Ọwọ́ Tọ̀yìbátù ni mo rí níbẹ̀.

"Sí Tísà mi Mùtíátù,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ti àwọn ọmọ èèrà. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, ṣé ẹ gbọ́ mi láti ẹ̀yìn pákó?

Èmi ni ọmọ yín,
Tọ̀yìbátù Yàkúbù."

Mo ti kọ èsì rẹ̀ nígbà mẹ́ta, mo sì ti fà á ya nígbà mẹ́ta. Mo kọ ti àgbà tí a kì í já irọ́ rẹ̀ níwájú ọmọdé. Mo kọ ti ọ̀gá tí kì í ka ìwé kó tó fọwọ́ sí i. Mo kọ ti ìjà ilẹ̀ ìlú méjèèjì. Láàárọ̀ yìí mo mú báírò, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi tí gbogbo ayé ń yìn, mo sì gbé e lé orí tábìlì Tọ̀yìbátù kí àwọn ọmọ tó dé: "Mo gbọ́."